Aago Méjì Nínú Fídíò Àkàrà

Àkàrà máa ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 nínú òróró gbígbóná. Nínú fídíò oníṣẹ́jú kan táwọn èèyàn ń wò lórí fóònù, ìṣẹ́jú àáyá 16 péré ló lè rí gbà. Ìdí nìyí tí ìwé ètò fídíò oúnjẹ fi gbọ́dọ̀ ní aago méjì: aago iná àti aago ojú fídíò. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá da méjèèjì pọ̀, ẹni tó ń wò ó yóò yọ àkàrà nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ́n, tí inú rẹ̀ ṣì rí pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́.

Ẹ jẹ́ ká pín ìṣẹ́jú kan náà fún àkàrà ife ẹ̀wà 2. Ìṣẹ́jú àáyá 4 àkọ́kọ́ ni ti àkàrà tó ti jinná, tí ọwọ́ ń bù sí méjì, kí ẹni tó ń wòran má baà fi ìka tì í kọjá. Èròjà gba 6, bíbó ẹ̀wà gba 8, lílọ̀ gba 6, pípo gba 10, dídín gba 16. 10 tó kù jẹ́ ti àkàrà àti ògì lórí tábìlì.

Pípo ju lílọ̀ lọ níbẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń lọ ẹ̀wà, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn tí ọmọrọ́ bá pò mọ́ ẹ̀wà ló ń mú kí àkàrà fúyẹ́, ibẹ̀ sì ni àkàrà ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń le bí òkúta. Báyìí ni ìgbésẹ̀ náà ṣe lè rí nínú ìwé ètò:

Ìgbésẹ̀ 4: Pípo ẹ̀wà
Lójú fídíò: 0:24 sí 0:34
Nídìí iṣẹ́: ìṣẹ́jú 5
Kámẹ́rà: láti òkè, abọ́ wà láàárín, ọwọ́ wọlé láti ìsàlẹ̀ àwòrán. Ní 0:31, kámẹ́rà bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife omi. Ẹ̀kán ẹ̀wà kan léfòó.
Àkọlé: “Po ó fún ìṣẹ́jú 5. Ó gbọ́dọ̀ léfòó.”

Ẹ wo bí kámẹ́rà ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní 0:31. Láti ọdún 2015 tí Tasty ti ilé iṣẹ́ BuzzFeed ní Amẹ́ríkà ti sọ àwòrán àtòkè di àṣà, àwọn kan kì í gbé kámẹ́rà kúrò lórí ìkòkò mọ́. Àǹfààní rẹ̀ kò kéré: ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ dà bí ọwọ́ ẹni tó ń wòran gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wo nǹkan láti òkè kò lè mọ bó ṣe ga tó. Kò ní rí i bóyá òróró jìn, bóyá ẹ̀wà ki, tàbí bóyá àkàrà wú. Gbogbo ohun tí gíga tàbí jíjìn bá ti ṣe pàtàkì níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni kí a ti yà á.

Òkè agbada tún ní wàhálà tirẹ̀. Ooru máa ń bo ojú kámẹ́rà, òróró sì ń ta. Ẹ gbé e jìnnà díẹ̀, kí ẹ fa àwòrán súnmọ́. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé láti ẹ̀gbẹ́ sì dára ju gílóòbù àjà lọ, nítorí gílóòbù yóò ju òjìji kámẹ́rà sínú agbada.

Ní ti èròjà, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sójú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọwọ́ bá ti ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé ni kí orúkọ rẹ̀ yọ: ẹ̀wà ife 2, ata rodo 2, àlùbọ́sà 1, òróró, iyọ̀ ṣíbí kékeré 1. Iyọ̀ ló kẹ́yìn nítorí ọ̀pọ̀ alákàrà kì í fi sí i títí òróró yóò fi gbóná. Kóńgò kò ṣe é kọ síbẹ̀. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní in nílé. Ẹ rọra ka àkọlé náà sókè: bí ìṣẹ́jú àáyá 6 bá tán kí ẹ tó kà á tán, ẹ gé e kúrú. Òkè àwòrán ló yẹ kó wà, torí bọ́tìnnì àti ọ̀rọ̀ tí fóònù fúnra rẹ̀ ń gbé jáde ló máa ń bo ìsàlẹ̀.

Dídín nìkan ni kò ṣe é tún ṣe bó bá ti kọjá. Ẹ yà á láìdáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú 4 náà, kí ẹni tó máa gé fídíò lè mú ìṣẹ́jú àáyá 4 láti ibi tí ẹ̀wà ti kan òróró, 4 láti ẹ̀gbẹ́ níbi tó ti ń wú, 4 níbi tí wọ́n ti yí i padà, 4 níbi tí wọ́n ti yọ ọ́. Àkọlé rẹ̀ á kà pé: “Ìṣẹ́jú 2, yí i padà, ìṣẹ́jú 2.” Kí ẹ sì fi ẹ̀wà díẹ̀ pamọ́ fún àyàtúnyà; bó bá ti dúró pẹ́, ẹ tún un po kí ẹ tó dín in, torí atẹ́gùn inú rẹ̀ á ti lọ.