Ṣé wọ́n fi akáǹtì yín pamọ́ ni, àbí àwọn èèyàn kàn sá fún fídíò yín?

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta àdìrẹ lórí Instagram ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n. "Wọ́n ti fún mi ní ṣádóbáànù!" Fídíò ẹ̀ tí wọ́n máa ń wò tó ìgbà 2,000 ti já sí 300. Ó ti fẹ́ pa akáǹtì náà rẹ́ kó ṣí òmíì, bẹ́ẹ̀ 4,000 èèyàn ló ń tẹ̀lé e níbẹ̀ o.

Mo ní kó sinmi ná. Ṣé ó rí ìkìlọ̀ kankan? Rárá. Tí wọ́n bá dí akáǹtì yín lọ́wọ́ lóòótọ́, ẹ máa mọ̀: ẹ máa tẹ àmì ọkàn, kò ní gbà, "Try Again Later" ló máa yọ sí yín. Tàbí kí wọ́n yọ póòsì yín, kí wọ́n sì sọ fún yín.

Ohun tí a ń pè ní ṣádóbáànù yàtọ̀ síyẹn. Gbogbo nǹkan á ṣì máa ṣiṣẹ́, àwọn tó ń tẹ̀lé yín á ṣì lè rí yín, àmọ́ Instagram ò ní gbé yín dé iwájú àwọn àjèjì mọ́ nínú Explore àti Reels. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni wọ́n ti ń fi èyí han àwọn tó ní akáǹtì oníṣòwò. Ẹ lọ sí ojú ìwé tiyín, ẹ tẹ ìlà mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, kí ẹ wá Account Status. Tí póòsì kan bá ń fa wàhálà, ẹ máa rí i níbẹ̀. Ẹ lè tún un ṣe, ẹ lè pa á rẹ́, ẹ sì lè ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò.

Ti ọ̀rẹ́ mi mọ́ lálá, àmọ́ kò gbà. Ó ní òun ti ní kí ẹnì kan wá háṣítáàgì òun, kò sì rí òun. Ìyẹn ò tó ẹ̀rí, torí ohun tí wíwá máa gbé jáde fún mi yàtọ̀ sí tiyín.

Ni a bá ṣí Insights. Fídíò àtijọ́: nínú 2,000, Non-followers jẹ́ 70%, ìyẹn 1,400. Àwọn tó ń tẹ̀lé e kó 600. Fídíò tuntun: nínú 300, àjèjì 120, àwọn tiẹ̀ 180.

Ẹ wò ó dáadáa. Àjèjì ṣì ń rí i. Tí wọ́n bá fi í pamọ́, iye àjèjì ni ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo, lórí gbogbo fídíò, láti ọjọ́ kan náà. Àti pé àwọn tiẹ̀ gan-an já láti 600 sí 180, bẹ́ẹ̀ ṣádóbáànù kì í fọwọ́ kàn wọ́n. Inú fídíò ni ìṣòro wà.

A jọ wò ó. Èyí àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti ń fa aṣọ jáde nínú aró. Tuntun yìí? Àmì ilé iṣẹ́ ẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yí, pẹ̀lú orin, fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Èmi gan-an ì bá ti kọjá.

Ó gé e kúrò lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Fídíò tó gbé jáde tẹ̀ lé e dé 1,100.