Ímeèlì Tí Òtẹ́ẹ̀lì Fi Ránṣẹ́: Ibi Mẹ́ta Tó Yẹ Kí Ẹ Kà Dáadáa

Tí oṣù Kejìlá bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń wá yàrá sílẹ̀ ní ìlú tí wọ́n fẹ́ lọ. Wọ́n á pe òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á fi owó ránṣẹ́, ímeèlì kan á sì wọlé láti fi hàn pé yàrá ti wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn wo orúkọ wọn àti iye owó tó wà níbẹ̀, wọ́n á sì gbé fóònù sílẹ̀. Àmọ́, tí awuyewuye bá ṣẹlẹ̀ níwájú káńtà òtẹ́ẹ̀lì, ibi mẹ́ta ló sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀: owó àsansílẹ̀, àdéhùn lórí ìfagilé, àti aago tí wọ́n ń retí àlejò.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ká ní bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ mẹ́ta tó ń gbé ní Kàdúná fẹ́ lọ wo Kánífáàlì Kàlàbá. Yàrá méjì ni wọ́n fẹ́, wọ́n á dé ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, wọ́n á sì kúrò ní ọjọ́ 29. Ohun tó yẹ kí ímeèlì wọn sọ rèé:

*Nọ́ńbà ìwé: 0417. Yàrá 2, òru 3, àgbàlagbà 2, ọmọdé 3.*
*Àpapọ̀ owó: ₦258,000, VAT ti wà nínú rẹ̀.*
*Àsansílẹ̀ tó ti wọlé: ₦129,000. Ìyókù: ₦129,000, ẹ ó san án lọ́jọ́ tí ẹ bá dé.*
*Tí ẹ bá fagi lé e kí ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá tó parí, ẹ ó gba gbogbo àsansílẹ̀ padà. Láti ọjọ́ 13 títí di aago 2 ọ̀sán ọjọ́ 23, ẹ ó gba ìdajì. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí owó tó ń padà.*
*Yàrá á ṣí ní aago 2 ọ̀sán ọjọ́ 26. A ó dì í mú dè yín títí di aago 6 ìrọ̀lẹ́.*

Owó tó ti wọlé àti èyí tó kù

Òru ni òtẹ́ẹ̀lì ń kà, kì í ṣe ọ̀sán. Láti ọjọ́ 26 sí ọjọ́ 29 jẹ́ òru mẹ́ta. Tí yàrá kan bá jẹ́ ₦40,000 lóru kan, yàrá méjì fún òru mẹ́ta á jẹ́ ₦240,000. Tí wọ́n bá fi VAT kún un, ìyẹn ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ₦18,000 á lé lórí rẹ̀. Bó ṣe di ₦258,000 nìyẹn. Tí ímeèlì bá dárúkọ iye owó láìsọ bóyá VAT wà nínú rẹ̀, kí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó, torí ₦18,000 yẹn lè yọjú lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ.

Ó tún yẹ kí ímeèlì náà sọ pé àsansílẹ̀ *ti wọlé*. Tó bá jẹ́ pé ohun tó sọ ni pé “a ń retí owó yín,” a jẹ́ pé yàrá ò tíì di tiyín. Ó sì lè jẹ́ pé gbèdéke wà tí wọ́n fi ń dúró, bíi wákàtí 48, kí wọ́n tó fún ẹlòmíì.

Owó míì wà tí àwọn èèyàn máa ń pè ní kọ́ṣọ̀n-fíì. Àwọn tó ń fi ilé wọn háyà fún ọjọ́ díẹ̀ ló sábà máa ń gbà á. Torí kí nǹkan má bàa bà jẹ́ ni wọ́n ṣe ń gbà á, ó sì yẹ kó padà sọ́wọ́ ẹni tó san án tí kò bá sí ohun tó bà jẹ́. Kì í ṣe ara owó yàrá. Tí ímeèlì bá pe owó méjèèjì ní “dìpọ́síìtì,” kí ẹ ní kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí kọ́ṣọ̀n-fíì á padà.

Wákàtí 72, láti ìgbà wo?

Ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì máa ń kọ ọ́ pé kí àlejò fagi lé e “ó pẹ́ tán, wákàtí 72 ṣáájú ọjọ́ tó máa dé.” Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ náà ti yé èèyàn, àmọ́ ọ̀nà méjì ni wọ́n lè gbà ka wákàtí yẹn. Tí wọ́n bá kà á láti aago 2 ọ̀sán ọjọ́ 26 tí yàrá á ṣí, aago 2 ọ̀sán ọjọ́ 23 ni gbèdéke. Àmọ́ tí wọ́n bá kà á láti aago 12 òru tí ọjọ́ 26 bẹ̀rẹ̀, gbèdéke ti kọjá látìgbà tí ọjọ́ 23 ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ká ní ara ọmọ wọn kan ò yá, tí ìyá wá kọ̀wé ní aago 10 àárọ̀ ọjọ́ 23 pé àwọn ò ní lè wá mọ́. Tí wọ́n bá ka wákàtí lọ́nà àkọ́kọ́, á gba ₦64,500 padà. Tí wọ́n bá kà á lọ́nà kejì, kò ní gba kọ́bọ̀. Ìdí nìyẹn tí ímeèlì tó dáa fi máa ń kọ ọjọ́ àti aago gan-an.

Òfin náà ò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Abala 120 nínú òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ sọ pé oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti fagi lé ohun tó ti gbà sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń tà á lè yọ iye tó bá bójú mu nínú owó náà. Lára ohun tí òfin ní kí wọ́n wò ni bí ìkìlọ̀ náà ṣe yá tó, àti bóyá ẹni tó ń tajà lè rí oníbàárà míì kí ọjọ́ tó pé. Yàrá tí wọ́n fagi lé ní oṣù Kọkànlá ṣì lè rí ẹni tó máa gbà á. Èyí tí wọ́n fagi lé ní alẹ́ ọjọ́ 25 lè má rí ẹnikẹ́ni. Torí náà, kí ẹ fi ímeèlì fagi lé e, kì í ṣe fóònù nìkan, kí ọjọ́ àti aago tí ẹ kọ̀wé lè wà lákọsílẹ̀.

Aago tí ẹ máa dé

Apá yìí làwọn èèyàn máa ń fò jù, bẹ́ẹ̀ òun ló lè gbé méjì tó kù ṣubú. Aago 2 ni yàrá á ṣí. Ẹni tó bá dé ní aago 10 àárọ̀ lè ní láti jókòó dúró. Aago 6 ìrọ̀lẹ́ sì ni ibi tí ìlérí òtẹ́ẹ̀lì parí sí. Ká ní ìdílé yìí wọ ọkọ̀ òfurufú láti Àbújá, ọkọ̀ wá pẹ́, wọn ò sì dé Kàlàbá títí di aago 9 alẹ́. Òtẹ́ẹ̀lì lè ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn ò wá, kó fún ẹlòmíì ní yàrá náà. Torí pé gbèdéke ọjọ́ 23 sì ti kọjá, wọ́n lè sọ pé ₦129,000 ti lọ nìyẹn. Àwọn míì tiẹ̀ máa ń fagi lé òru mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí àlejò ò bá yọjú ní òru àkọ́kọ́.

Èsì kúkúrú lè dènà rẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Lórí ìwé 0417, ó ṣeé ṣe ká dé ní aago 9 alẹ́ ọjọ́ 26. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa di yàrá méjèèjì mú, kí ẹ sì fi ímeèlì dáhùn pé ẹ ti gbọ́.” Ìdáhùn tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ padà ló ń yí aago 6 padà, tí wọn ò bá dáhùn, aago 6 ṣì ni. Kí ẹ ya àwòrán ìdáhùn náà sórí fóònù, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má sí níwájú káńtà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.