Ta Ló Pinnu Gíga Táǹkì Yìí?

Ìwé kan lè kún fún àwòrán táǹkì, àwòrán àwọn ọmọdé tó ń pọn omi, àti ti ọjọ́ tí kọmíṣánnà wá ṣí ẹ̀rọ omi náà, kí ẹni tó kọ ọ́ má sì rí èsì kankan fọ̀ nígbà tí wọ́n bá bi í pé: "Ta ló pinnu pé kí táǹkì yìí ga ní mítà 9?" Ibi ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ẹnjiníà ti ń kọsẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá jókòó níwájú àwọn àgbà iṣẹ́.

Láti 1970 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé àjọ COREN kò gbọdọ̀ máa pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà. Ìwé-ẹ̀rí yunifásítì nìkan kò tó. Ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde gbọ́dọ̀ lo ọdún 4 ó kéré tán lẹ́nu iṣẹ́, kí ó kọ àkọsílẹ̀ ohun tó ṣe, kí ẹnjiníà tí orúkọ tirẹ̀ ti wà nínú ìwé jẹ́rìí sí i, kí ó sì wá dáhùn ìbéèrè. Ìtàn iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọ. Ìpinnu ni àwọn àgbà ń wá níbẹ̀: kí ni ìwọ fúnra rẹ ṣírò, kí ni o yàn, kí ni o fi sílẹ̀, kí sì nìdí?

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ abúlé kan ní Òkè-Ògùn là á, pẹ̀lú irú ìṣirò tó wọ́pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ènìyàn 800 ló ń gbé abúlé yìí. Ọ̀dọ́bìnrin kan ni ọ̀gá rẹ̀ ní kó ṣètò bí omi yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2000 ní kí ará ìgbèríko kọ̀ọ̀kan máa rí lítà 30 lójúmọ́, kí ó má sì rìn ju mítà 250 lọ kó tó débi omi. Ó wo iwájú ọdún 10, ó fi ìdá 3 nínú 100 kún iye èèyàn lọ́dọọdún, ó sì rí i pé èèyàn yóò tó 1,075. Omi tí wọn yóò máa lò lójúmọ́ wá lé díẹ̀ ní lítà 32,000.

Àpáta ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ Òkè-Ògùn. Inú ilẹ̀ tó ti jẹrà lórí àpáta náà àti inú ibi tó ti sán ni omi ń fara pamọ́ sí, ìdí nìyẹn tí kànga-dẹ̀rọ ibẹ̀ kì í fi í ní omi yanturu. Èyí tí wọ́n gbẹ́ fún abúlé yìí, lẹ́yìn tí wọ́n fa omi rẹ̀ tọ̀sán-tòru láti dán an wò, kò lè fún wọn ju lítà 1 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí oòrùn bá fi wákàtí 6 fa omi pẹ̀lú sólà, lítà 21,600 ni yóò wọlé. Ó kù lítà tó lé ní 10,000.

Bó bá jẹ́ pé "wọ́n fi sólà fa omi" nìkan ló kọ, ibí yìí ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ ì bá ti kú. Ó kọ ọ̀nà mẹ́ta tó gbé yẹ̀ wò. Ẹ̀rọ tó tóbi ju èyí lọ yóò fa kànga gbẹ, yóò sì jóná. Jẹnẹrétọ̀ oníwákàtí 3 lálẹ́ yóò dí àlàfo náà, ṣùgbọ́n abúlé ni yóò máa ra epo rẹ̀, ọjọ́ tí owó epo bá sì tán ni omi yóò dín. Kànga kejì, kódà bí omi rẹ̀ bá kéré sí ti àkọ́kọ́, yóò kájú rẹ̀, bí ọ̀kan bá sì bàjẹ́, omi kò ní dá tán. Kànga kejì ló dámọ̀ràn. Ọ̀gá rẹ̀ gbà.

Ọ̀rọ̀ gíga táǹkì ló wá jinlẹ̀ jù. Mítà 6 ni òpó irin tí iléeṣẹ́ wọn máa ń lò níbi gbogbo. Ó gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ lọ sí abúlé, ó sì rí i pé ibi ẹ̀rọ omi tó jìnnà jù, ní mítà 400 sí táǹkì, wà lórí òkè kan tó fi mítà 3 ga ju ìdí táǹkì lọ. Kò lè yọ ọ́ kúrò, nítorí àwọn tó ń gbé òkè náà yóò rìn ju mítà 250 lọ. Ẹnu ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tún ga ní mítà 1. Páìpù náà sì máa ń jẹ lára agbára omi: bí ẹnu ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ń ṣàn lẹ́ẹ̀kan náà, páìpù mílímítà 63 yóò jẹ nǹkan bíi mítà 2.4. Yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú mítà 6, kò kù nǹkan kan, ó tiẹ̀ jẹ gbèsè. Ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ yóò máa pọn omi, ẹni òkè yóò sì máa gbọ́ èémí afẹ́fẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ. Pẹ̀lú mítà 9, mítà 2.6 ṣẹ́ kù.

Wọ́n lè bi í pé èéṣe tí kò gbé táǹkì lọ sórí òkè yẹn gan-an. Ìbéèrè tó dára ni, ó sì ti dáhùn rẹ̀ sínú ìwé: ìdílé méjì ń du ilẹ̀ náà. Wọ́n sì lè bi í pé bí alágbàṣe bá fi páìpù mílímítà 32 rọ́pò ti 63 nítorí owó ńkọ́? Agbára tí páìpù yóò jẹ yóò di nǹkan bí ìlọ́po 30, omi kò sì ní gun òkè rárá nígbà tí èrò bá pọ̀. Ẹni tó ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀ yóò dáhùn láìwo ìwé. Ẹni tó wò ó lọ́wọ́ ẹlòmíràn yóò máa sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é."

Ó tún yẹ kí àkọsílẹ̀ sọ ibi tí ọwọ́ onítọ̀hún mọ. Onímọ̀ omi abẹ́ ilẹ̀ ló yan ojú ibi tí wọ́n gbẹ́ kànga, ọ̀dọ́bìnrin yìí kọ́ ló yàn án. Táǹkì onílítà 10,000 kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ yà sínú àwòrán, àfi ìgbà tí ọ̀gá rẹ̀ bi í pé, "Ìwọ ọmọ yìí, níbo ni omi ìdájí yóò ti wá?" Òótọ́ ni: àwọn obìnrin ti ń tò kẹ́ẹ̀gì kí oòrùn tó yọ, sólà kò sì tíì fa nǹkan kan. Ó ṣírò rẹ̀ pé ìdajì omi òòjọ́ lè lọ ní òwúrọ̀, ó sì sọ táǹkì di méjì. Omi inú méjèèjì bá wúwo tó kílò 20,000 lórí òpó mítà 9, ìṣirò irin náà sì kọjá ohun tó lè dá ṣe. Ẹnjiníà mìíràn ló ṣe é. Gbogbo èyí ló kọ sínú ìwé rẹ̀, báyìí:

"Èmi ni mo wọn ilẹ̀, tí mo ṣírò omi tí abúlé nílò, tí mo yan ìwọ̀n páìpù àti gíga táǹkì. Ọ̀gá mi yẹ̀ ẹ́ wò, ó dá a padà lẹ́ẹ̀kan lórí ìwọ̀n táǹkì, mo tún un ṣe, ó sì fọwọ́ sí i. Ìṣirò òpó irin kì í ṣe tèmi. Mo fún ẹni tó ṣe é ní ìwúwo omi àti gíga tí mo fẹ́."

Ó nira fún ọmọ Yorùbá láti kọ "èmi ni mo" nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ wà láàyè, nítorí ojú ìgbéraga ni a fi ń wò ó. Ṣùgbọ́n "a ṣe é" kò sọ ẹni tí wọn yóò bi léèrè bí omi kò bá gun òkè. Gbólóhùn kejì nínú àyọlò yẹn ló gba ọ̀wọ̀ ọ̀gá là: ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò tíì wọ ìwé COREN kò lè fọwọ́ sí iṣẹ́ ní àṣekágbá, bó bá sì kọ ọ́ bí ẹni pé òun nìkan ló dá a ṣe, àwọn àgbà yóò mọ̀ pé irọ́ ni.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní igun ìsàlẹ̀ àwòrán, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹni tó ṣètò, ẹni tó yà á àti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí orúkọ ẹlòmíràn bá wà níwájú "ẹni tó ṣètò", ọ̀rọ̀ inú ìwé kò lè gbà á sílẹ̀. Ó yẹ kí ìwé ìṣirò tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, tó ní déètì, tí lẹ́ẹ̀dì pupa ọ̀gá wà lára rẹ̀, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé tó bá mọ́ lóló, tí kò ní àtúnṣe kankan, ló máa ń mú kí ìbéèrè pọ̀ sí i.

Ohun ìkẹyìn tó fi kún un ni ìdánwò ọjọ́ tí wọ́n ṣí omi. Ó ní kí wọ́n ṣí ẹnu ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan, ó wá dúró ti èyí tó wà lórí òkè pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì onílítà 20 àti aago. Lítà kan fún ìṣẹ́jú àáyá 5 ló fi ṣètò, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì kò gbọdọ̀ lò ju 100 lọ kó tó kún. Iye tí aago kà ló kọ sínú àkọsílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó ṣírò.