Ọ̀rọ̀ Ṣókí sí Ẹni Tó Ń Wá Òṣìṣẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ bá ẹni tí kò mọ̀ rí dọ́rẹ̀ẹ́ lórí LinkedIn lè fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ ti ìbéèrè rẹ̀. Àyè rẹ̀ kò pọ̀: nǹkan bíi lẹ́tà 200, àlàfo mọ́ ọn, fún ẹni tí kò sanwó, àti 300 fún ẹni tó san. Inú àyè yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń bá àwọn awá-òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀.

Awá-òṣìṣẹ́ kì í bá ẹnikẹ́ni wá iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ ló bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, ilé iṣẹ́ ló ń sanwó fún un, ipò kan pàtó ló sì ń wá ènìyàn sí. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé “iṣẹ́ yòówù tó bá wà, mo lè ṣe é” kò fún un ní ohunkóhun tó lè dì mú. Orúkọ ipò náà ló yẹ kí ó tètè rí, bó ṣe wà nínú ìpolówó gẹ́lẹ́. Ọmọ Yorùbá kò ní ṣàìkíni, ṣùgbọ́n “ẹ kú iṣẹ́” kan ti tó. Ẹni tó bá tún béèrè ilé àti ọmọ ti ná àyè rẹ̀ tán.

Ká ní obìnrin kan ń ṣírò owó oṣù òṣìṣẹ́ ní Ìbàdàn, ó sì fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ náà ní Èkó. Ó lè kọ ọ́ báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo rí i pé ẹ ń wá olùṣirò owó oṣù. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn láti ọdún 4: owó oṣù òṣìṣẹ́ 240 ló ń gba ọwọ́ mi kọjá. Ọjọ́ 9 ni à ń lò tẹ́lẹ̀ kí á tó parí rẹ̀, mo ti sọ ọ́ di 4. Ṣé kí n fi ìwé ìtàn iṣẹ́ mi ránṣẹ́?”

Gẹ̀ẹ́sì ni yóò sábà fi kọ ọ́, ìlà kan náà ni yóò sì tọ̀. Bí àyè bá fún un, ọdún 4 ni kí ó yọ, nítorí ojú ìwé rẹ̀ ti sọ ìyẹn. Ọjọ́ 9 tó di 4 kò ṣeé yọ. “Mo jẹ́ òṣìṣẹ́ takuntakun” kò lè rọ́pò rẹ̀, torí gbogbo ẹni tó ń wá iṣẹ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè ìparí náà wúlò: “bẹ́ẹ̀ ni” lásán tó láti dá a lóhùn.

Bí awá-òṣìṣẹ́ bá yẹ ojú ìwé rẹ̀ wò tí kò sì fèsì, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ àti ojú ìwé má bára mu: ọ̀rọ̀ ń sọ owó oṣù, ojú ìwé ń sọ “akọ̀wé”. Ojú ìwé ni kí ó kọ́kọ́ tún ṣe. Bí ó bá gbà á lọ́rẹ̀ẹ́ tó sì dákẹ́, ó lè rán an létí lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ìránnilétí kejì ti di ìyọnu.