Fèrè Lẹ́nu Ọmọdé

Níbi tí àwọn ọmọ àdúgbò bá ti ń gbá mọ́ńkì pósítì, kò sí rẹfirí. Òkúta méjì ni ojúlé, ọ̀rọ̀ ẹni tó ni bọ́ọ̀lù ló sì máa ń lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù. Bí iyàn bá dé lórí bóyá bọ́ọ̀lù wọlé, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ròkè ló borí. Ní iléèwé ńkọ́? Tíṣà ló ń fọn fèrè, tíṣà ló ń ka góòlù, àwọn ọmọ á wá máa wo ojú rẹ̀ bí ẹni ń wo bàbá tó fẹ́ pín ẹran. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń dájọ́ eré.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Daryl Siedentop, ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1994. Ohun tó ń bí i nínú ni pé eré inú kíláàsì kò jọ eré gidi: wọ́n á kọ́ ọmọ ní ìpìlẹ̀ bọ́ọ̀lù fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á pa á tì, wọ́n á gbé òmíràn. Ó ní kí wọ́n sọ ọ́ di sáà gígùn, bí ìpàdé 20 tàbí kó dín díẹ̀, kí ọmọ wà nínú ikọ̀ kan ṣoṣo látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ìdíje àti àkọsílẹ̀ wà, kí wọ́n sì fi ayẹyẹ kádìí rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń jókòó wòran níbẹ̀. Ikọ̀ tí kò bá gbá bọ́ọ̀lù, díútì ló ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún karùn-ún tó ní ọmọ 36. Ikọ̀ mẹ́fà ni, ọmọ mẹ́fà-mẹ́fà: Ẹkùn, Erin, Àṣá, Ẹfọ̀n, Kìnnìún àti Àgbọ̀nrín. Ọmọ márùn-ún ló ń gbá, ẹnì kan ń dúró láti pààrọ̀. Tíṣà fi eérú fa pápá kékeré méjì. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni eré kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì ń gbá a láàárín ìpàdé kan. Nígbà tí ikọ̀ mẹ́rin bá ń gbá, méjì wà lẹ́nu díútì. Ọmọ mẹ́fà tó wà lẹ́nu díútì pín iṣẹ́: ọ̀kan mú fèrè, méjì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ọ̀kan ń wo aago, ọ̀kan ń kọ góòlù sílẹ̀, ẹnì kẹfà ń bójú tó pípààrọ̀.

Ibi tí tíṣà ti gbọ́dọ̀ lo ọgbọ́n ni ẹni tó máa dájọ́ ta. Bí Kìnnìún bá dá eré Ẹkùn àti Erin, tí Erin wá dá ti Kìnnìún lẹ́yìn náà, ẹ̀san ti wọ ọ̀rọ̀. “Ṣebí ìwọ lo fagi lé góòlù wa!” Nítorí náà, ní ìpele àkọ́kọ́, Ẹkùn pàdé Erin lójú Kìnnìún, Àṣá pàdé Ẹfọ̀n lójú Àgbọ̀nrín. Ní ìpele kejì, Kìnnìún gbá pẹ̀lú Àṣá, ṣùgbọ́n Ẹfọ̀n ló ń dá a. Àgbọ̀nrín gbá pẹ̀lú Ẹkùn, Erin ń dá a. Ní ìkẹta, Kìnnìún pàdé Erin, Àṣá mú fèrè. Àgbọ̀nrín pàdé Ẹfọ̀n, Ẹkùn mú fèrè. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ti gbá eré méjì, ó ti ṣe díútì kan, kò sì sí ẹni tó dájọ́ ẹni tó dá a lẹ́jọ́.

Ìpàdé àkọ́kọ́ lórí ìdájọ́ kì í ní eré nínú. Ìlà ni wọ́n ń kọ́. Òfin bọ́ọ̀lù sọ pé bọ́ọ̀lù kò tíì jáde àfi tí odindi rẹ̀ bá ré kọjá odindi ìlà, ìbáà jẹ́ nílẹ̀ tàbí lójú òfuurufú. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń pariwo níwájú tẹlifíṣọ̀n ni kò mọ èyí. Tíṣà gbé bọ́ọ̀lù lé orí eérú, ó ní kí wọ́n tò yí i ká, kí kálukú sọ bóyá ó jáde. Àwọn tó wà nínú pápá ní ó ti jáde, àwọn tó wà lóde ní kò tíì jáde. Ó wá pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n wá dúró sórí ìlà gan-an, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n wo gbọọrọ rẹ̀. Ohùn wọn di ọ̀kan. Lójú tèmi, ìdajì ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní òjóró kò ju pé rẹfirí dúró síbi tí kò yẹ.

Fèrè ló kàn. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà á máa ń fọn ọ́n wẹ́ẹ́, a ó rí i pé àwọn tó ń gbá kò dúró, á wá bojú wo tíṣà. Ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé òfin ti pọ̀ jù lórí rẹ̀. Mẹ́ta péré ni kí wọ́n fún un lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́: bọ́ọ̀lù tó jáde, fífọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, àti títi èèyàn. Kí ó fọn fèrè kíkan, kí ó nawọ́ síhà tí bọ́ọ̀lù ń lọ, kí ó tó la ẹnu. Ọwọ́ ló ń pa ariwo. (Tíṣà ni Ken Aston, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ronú kan káàdì yẹ́lò àti pupa tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Mẹ́síkò lọ́dún 1970, iná ojú títì ló fún un lérò náà.)

Bí ọmọ bá bi tíṣà pé, “Sà, ṣé ó jáde ni?”, ìdáhùn kan ló wà: “Ìwọ ni rẹfirí. Kí lo rí?” Tíṣà tó bá yí ìdájọ́ padà lẹ́ẹ̀kan ti gba fèrè náà lẹ́nu ọmọ, torí gbogbo iyàn tó bá kù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa gbé e wá. Àfi bí ọmọ bá fẹ́ ṣèṣe nìkan ló lè dá sí i. Kápútẹ́nì nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ọ̀rọ̀, bọ́ọ̀lù sì gbọ́dọ̀ ti dúró. Ó yẹ kí tíṣà fiyè sí ọmọbìnrin tó bá mú fèrè, torí òun ni wọ́n sábà máa ń yí ká jù.

Ohun tó ń mú kí díútì wúwo lójú wọn ni máàkì. Àborí jẹ́ 3, ọ̀mì jẹ́ 1, díútì náà lè mú 3 wá: ọ̀kan bí gbogbo wọn bá wà níbi iṣẹ́ wọn lákòókò, ọ̀kan fún fèrè tó dún àti ọwọ́ tó nà, ọ̀kan fún ìwé góòlù tí kápútẹ́nì méjèèjì fọwọ́ sí. Ká ní Ẹkùn borí eré rẹ̀ méjèèjì, ó ní 6. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan díútì rẹ̀, wọ́n pẹ́ dé, fèrè ò dún, ẹni tó ń kọ góòlù lọ ń pariwo fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òdo ni wọ́n gbà. Àṣá borí ẹyọ kan, ó ta ọ̀mì kan, ìyẹn 4, ó sì gba 3 lórí díútì. Àṣá ló wà lókè, 7 sí 6. Ariwo tó máa sọ lọ́jọ́ náà kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ẹkùn á ti dé ìdí ìlà kí fèrè tó dún.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí máàkì fún ìdájọ́ tó tọ̀nà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá á ṣì í, bí àwọn rẹfirí ńlá ṣe ń ṣì í. Ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n. Ojúsàájú ńkọ́? Akọ̀wé lè máa fa igi kan sábẹ́ orúkọ ikọ̀ tí wọ́n bá dá lẹ́bi. Bí àṣìṣe bá jẹ́ ti àìmọ̀, ó máa ń bá ìhà méjèèjì. Bí igi bá ń pọ̀ sábẹ́ ikọ̀ kan ṣáá lójú rẹfirí kan náà, kí tíṣà lọ dúró nítòsí kó fojú ara rẹ̀ wò ó. Eré kan kò tó láti fi dá ọmọ lẹ́bi, torí fáwùlù mẹ́ta sí ọ̀kan lè jẹ́ pé ikọ̀ náà ló ń ti èèyàn.

Àwọn ọmọ kíláàsì kejì kò tíì lè ṣe gbogbo èyí. Kí wọ́n ka góòlù, kí wọ́n wo aago, kí tíṣà fọn fèrè fún wọn. Tí ọjọ́ àṣekágbá bá dé fún àwọn àgbà, ikọ̀ méjì ló ń gbá, mẹ́rin wà nílẹ̀. Èyí tí máàkì díútì rẹ̀ pọ̀ jù nínú àwọn mẹ́rin náà ni wọ́n ń fún ní fèrè.