Orúkọ Ẹni Tó Ṣiṣẹ́ Náà Gan-an

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 2016, ẹ̀dà 3.6 ti Python jáde. Python jẹ́ èdè tí àwọn èèyàn fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, yálà ní báńkì tàbí ní yàrá ìwádìí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba. Ẹni tó bá rí àléébù nínú rẹ̀ lè tún un ṣe, kó sì fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí àwọn alábòójútó. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n ń yọ̀ǹda àkókò wọn ni, orúkọ tí a bá fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn sì ni owó iṣẹ́ wọn.

Inú ìwé àlàyé tó máa ń bá ẹ̀dà tuntun jáde ni wọ́n ti ń dá àwọn èèyàn náà lọ́lá. Elvis Pranskevichus àti Yury Selivanov ló ṣe olóòtú ti 3.6. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìwé yìí ni pé wọn kò kó gbogbo orúkọ jọ sójú kan kí wọ́n wá kí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Abẹ́ iṣẹ́ oníkálùkù ni orúkọ rẹ̀ wà. Ọ̀nà tuntun tí a fi lè ki iye kan bọ àárín gbólóhùn láìsí wàhálà, Eric V. Smith ló kọ àbá rẹ̀, òun náà ló sì kọ kóòdù rẹ̀. Àǹfààní láti kọ mílíọ̀nù kan báyìí, `1_000_000`, kí ojú má baà ṣì òǹkà, Georg Brandl àti Serhiy Storchaka ló kọ àbá tirẹ̀. Irinṣẹ́ `secrets`, tí a fi ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹlòmíràn kò lè méfò, iṣẹ́ Steven D'Aprano ni. Nọ́ńbà sì máa ń tẹ̀ lé orúkọ, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ sí i lè lọ ka gbogbo àríyànjiyàn tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó gba iṣẹ́ náà wọlé.

Ẹyọ kan wà nínú wọn tó yẹ kí a yà sí, torí pé ìdúpẹ́ ibẹ̀ kò rọrùn rárá.

Nínú Python, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní `dict`. Ibẹ̀ ni a ń kó ìsọfúnni pa mọ́ sí lábẹ́ orúkọ: ẹ fún un lórúkọ, yóò dá ohun tó wà lábẹ́ orúkọ náà padà. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ètò Python kankan tí kì í lò ó. Ẹ fojú inú wo ilé ayálégbé oníyàrá mẹ́jọ, tí ayálégbé mẹ́ta péré ń gbé inú rẹ̀. Bí `dict` àtijọ́ ṣe rí nìyẹn. Yàrá kọ̀ọ̀kan gba báìtì 24, yálà ẹnìkan wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí, nítorí náà mẹ́jọ gba 192. Wọn kò sì lè kó èèyàn kún ilé náà, torí pé bí àyè bá ti fún jù, wíwá ẹni tí a ń wá yóò máa pẹ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, Raymond Hettinger dá àbá kan. Ó ní kí wọ́n to àwọn ayálégbé mẹ́ta náà sínú yàrá tó tẹ̀ léra, bí wọ́n ṣe dé, kí wọ́n wá gbé pátákó kékeré kan sí ẹnu ọ̀nà tí yóò máa sọ yàrá tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wà. Orí pátákó yìí ni àyè mẹ́jọ yóò wà, báìtì kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì gbà. Mẹ́jọ ti pátákó àti 72 ti yàrá mẹ́ta jẹ́ 80. Lójú iṣẹ́ gidi, èrè náà kò tó báyìí, torí a gbọ́dọ̀ fi yàrá díẹ̀ sílẹ̀ de àwọn tó ń bọ̀. Síbẹ̀, ìwé àlàyé 3.6 sọ pé `dict` tuntun fi ìdá 20 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún dín àyè tí ti 3.5 ń gbà kù.

Àbá náà wà nílẹ̀ fún ọdún bíi mẹ́ta àtààbọ̀. Láàárín àkókò yẹn, àwọn tó ń ṣe PyPy, ìyẹn ẹ̀yà Python mìíràn, ti gbé irú rẹ̀ sínú tiwọn ní 2015. Ní 2016 ni INADA Naoki, ará Japan, wá jókòó kọ kóòdù rẹ̀ fún Python fúnra rẹ̀. Ìwé àlàyé náà sọ pé INADA Naoki ló ṣe iṣẹ́ náà, pé Raymond Hettinger ló kọ́kọ́ mú èrò náà wá, ó sì sọ pé ó jọ ti PyPy. Wọn kò fi ẹni tó ronú pa ẹni tó ṣiṣẹ́ rẹ́. Kódà, bí wọ́n ṣe fi lẹ́tà ńlá kọ INADA ní ìtumọ̀: orúkọ ìdílé ló ṣáájú níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Japan ṣe ń kọ ọ́, lẹ́tà ńlá náà ni kò jẹ́ kí àjèjì ṣì í mú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ẹ̀rọ sọ nípa iṣẹ́ yìí kan náà. Git ni irinṣẹ́ tí ń tọ́jú ìtàn gbogbo àyípadà inú kóòdù. Bí olóòtú bá fẹ́ kó orúkọ jọ, àṣẹ yìí ni yóò kọ́kọ́ sá tọ̀:

```
git shortlog -sn v3.5.0..v3.6.0
```

Yóò ka iye àyípadà tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ní láàárín ẹ̀dà méjèèjì. Àmọ́ tí a bá wá àyípadà `dict` nínú ìtàn yẹn, orúkọ Victor Stinner ni a ó bá níbi tó yẹ kí orúkọ oníṣẹ́ wà. Stinner kò jí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó ni, òun ló gba iṣẹ́ Inada wọlé, ó sì kọ ọ́ sínú àlàyé àyípadà náà pé Inada ló ni ín. Mercurial ni wọ́n ń lò nígbà náà, kí wọ́n tó kó lọ sí GitHub ní oṣù Kejì ọdún 2017. Àyè orúkọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, àṣà wọn sì ni pé orúkọ ẹni tó ti ilẹ̀kùn ni yóò wà níbẹ̀. Àṣẹ òkè yìí kì í ka àlàyé, orúkọ nìkan ló ń kà. Ẹni tó bá gbára lé e yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀kùn, yóò sì gbàgbé ọ̀pọ̀ àlejò tó gbé ẹrù wá.

Git fúnra rẹ̀ ní àyè méjì, ọ̀kan fún ẹni tó kọ ọ́, èkejì fún ẹni tó gbà á wọlé. Tí iṣẹ́ bá sì ju ti ẹnì kan lọ, ìlà kan wà tí a lè fi parí àlàyé àyípadà náà:

```
Co-authored-by: Orúkọ <ímeèlì>
```

Ọjọ́ tí iṣẹ́ wọlé ni kí a kọ ọ́. Bí ó bá di ọjọ́ ìkéde, tí olóòtú ń wá ẹni tó ṣe kí ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, àlejò tó wá lẹ́ẹ̀kan péré ni yóò kọ́kọ́ sọ nù.

Àwọn kan sì wà tí Git kò lè rí láé, torí wọn kò kọ kóòdù kankan: ẹni tó fi àpẹẹrẹ kúkúrú hàn wá bí àṣìṣe ṣe ń ṣẹlẹ̀, tàbí ẹni tó dán àtúnṣe wò lórí ẹ̀rọ tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Python ní fáìlì kan fún irú wọn, `Misc/ACKS`, tí Guido van Rossum tó dá Python sílẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí. Ó dúpẹ́ níbẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó mú èrò wá, lọ́wọ́ àwọn tó fi àṣìṣe tó wọn létí, àti lọ́wọ́ àwọn tó ráhùn pàápàá. Ó tún sọ ọ́ gbangba pé àkójọ náà kò pé.

Àìpé yẹn ní àtúnṣe níbì kan, kò ní níbòmíràn. Orúkọ tí a ti kọ sínú ìtàn Git kò ṣeé yí padà láìjẹ́ pé nọ́ńbà ìdánimọ̀ gbogbo àyípadà tó tẹ̀ lé e yí padà pẹ̀lú, ẹni tó sì ti da ẹ̀dà rẹ̀ kọ yóò rí i pé tirẹ̀ kò bá ti ẹlòmíràn mu mọ́. Ìwé àlàyé kò ní irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fo orúkọ rẹ̀ lè fi àtúnṣe ìlà kan péré ránṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ̀dà náà ti jáde.