Aṣọ́nà Tó Ń Rántí àti Èyí Tí Kì Í Rántí

Lórí AWS, security group ló ń ṣọ́ sáfà kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń rántí: bí ó bá gba ìbéèrè wọlé, èsì rẹ̀ á jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Network ACL ń ṣọ́ odidi agbo sáfà, ìyẹn subnet, kì í sì í rántí nǹkan kan. Òfin wíwọlé yàtọ̀, ti jíjáde yàtọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ká ní ẹnì kan ṣí pọ́ọ̀tù 443 nìkan nínú network ACL, àtiwọlé àtijáde. Ìbéèrè á wọlé, ṣùgbọ́n èsì kì í lọ sí 443. Pọ́ọ̀tù onígbà díẹ̀ tí ẹ̀rọ oníbàárà mú, bíi 51000, ló ń lọ. Flow logs á kọ ACCEPT fún àlọ, REJECT fún àbọ̀. Ẹ ṣí 1024 sí 65535 fún jíjáde, sáfà á dáhùn.